Nísítátíìnì tán, funfun ẹnu ọmọ tún padà: mílílítà 1 ni àbí 2, ìyá náà ńkọ́?

Ìyá Dámi

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá. Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ 7. Ọmú nìkan ló ń mu, àfi wàrà tí mo bá fún sílẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ń fi fídà fún un lóru. Nǹkan funfun kan bo inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì àti abẹ́ ètè. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àrùn olú ni, ó sì kọ nísítátíìnì olómi fún wa, ìgò mílílítà 30. Ohun tó kọ sínú ìwé ni mílílítà 1, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Nígbà tí a máa tú páálí oògùn, mílílítà 2 la bá nínú ìwé tó wà níbẹ̀ fún ọmọ ọwọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni. Bàbá rẹ̀ ní àwọn tó ṣe oògùn ló mọ̀ ọ́n jù, la bá ń fún un ní 2. Funfun náà pòórá, ìgò náà sì tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí, a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti padà báyìí, ó tiẹ̀ gbilẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Èmi náà kò gbádùn. Orí ọmú mi méjèèjì ń jó mi, pàápàá lẹ́yìn tí ọmọ bá ti mu tán. Ẹnì kan ti fún mi ní jẹ́ẹ̀lì máíkónásóòlù, ó ní ìyẹn ló yá jù. Èwo ni kí n fún ọmọ, mílílítà mélòó, kí sì ni kí n lò fún ara mi?

Bàbá Ìbejì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè máa da oògùn sí ọmọ lẹ́nu. Ahọ́n àwọn ìbejì wa funfun báyìí náà, gbogbo wa ń sá sókè sá sódò, wàrà lásán ni. Ẹ ki aṣọ mímọ́ tó rọ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ fi nu ahọ́n náà. Bó bá ti kúrò, wàrà ni. Abájọ tó fi ń lọ tó ń bọ̀, ṣebí ojoojúmọ́ ló ń mu wàrà.

Ìyá Dámi

Ẹ ṣé, sà. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ti orí ahọ́n kúrò díẹ̀, ṣùgbọ́n ti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò kúrò. Ibi tí mo ti tẹ ọwọ́ mọ́ ọn pọ́n, ó sì yọ ẹ̀jẹ̀ díẹ̀.

Apòògùn Kọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì wúlò fún ẹni tó bá rí i lórí ahọ́n nìkan. Èyí tó bá wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ ètè, tó lẹ̀ típẹ́típẹ́, tí abẹ́ rẹ̀ sì pọ́n nígbà tí wọ́n nù ún, ti olú nìyẹn. Ẹ má nù ún mọ́, Ìyá Dámi, kí ẹ má baà dá egbò sí i lẹ́nu.

Kí n tó dé orí mílílítà, báwo lẹ ṣe ń fún un gan-an? Kó tó mu ọmú ni, àbí lẹ́yìn tó bá mu ún? Kí lẹ fi ń wọn oògùn náà, ibo lẹ sì ń dà á sí?

Ìyá Dámi

Kó tó mu ọmú ni, torí ìgbà tí ebi bá ń pa á ló máa ń la ẹnu dáadáa. Ṣíbí tíì ni mo fi ń bù ú, orí ahọ́n ni mo ń dà á sí, á sì gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í bá mi jà rárá, ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Apòògùn Kọ̀rọ̀

Ibẹ̀ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oògùn ló jẹ́ pé tí a bá gbé e mì, ikùn á fà á sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e dé ibi tí àìsàn wà. Nísítátíìnì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó ṣe wọ ikùn ló ṣe máa bá ìgbẹ́ jáde. Ibi tó bá ti fara kan olú ló ti ń pa á, kò sì ní agbára kankan níbi tí kò dé. Tí ẹ bá dà á sórí ahọ́n, tí ọmọ gbé e mì, tí ọmú sì ṣàn tẹ̀ lé e, ọ̀nà ọ̀fun ló rí oògùn, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò rí nǹkan kan. Ìwọ̀nba tó ṣèèṣì kan ibẹ̀ ló jẹ́ kí funfun náà dín kù nígbà àkọ́kọ́.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Ọmọ á kọ́kọ́ mu ọmú yó, á gùnfẹ̀. Ẹ mi ìgò náà dáadáa, torí ìyẹ̀fun oògùn náà máa ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹni tí kì í bá mi ín á máa fún ọmọ ní omi aládùn láti òkè ìgò, gbogbo oògùn á wá kó jọ sí ìdí rẹ̀. Dírọ́pà inú páálí tàbí síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi fà á, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ṣíbí, torí ṣíbí ilé kan kì í bá èkejì dọ́gba. Ẹ kán ìdajì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì, kí ẹ kán ìdajì tó kù sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Kó tó gbé e mì, ẹ fi ìka tí ẹ ti fọ̀ mọ́ tàbí òwú orí igi ra á káàkiri ibi tó funfun, títí kan abẹ́ ètè. Lẹ́yìn náà, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, ó kéré tán. Tí ẹ bá lè jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára sí i. Ìdí tí mo fi ní kó jẹ́ lẹ́yìn ọmú nìyẹn, torí ọmọ tó ti yó á sinmi, oògùn á sì rí àyè jókòó.

Ẹ ṣọ́ra fún dírọ́pà náà. Bó bá ti kan ẹnu ọmọ, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ kí ẹ tó dá a padà sínú ìgò.

Ó ku mílílítà. Nọ́ọ̀sì yín kò ṣì í, páálí náà kò sì ṣì í. Mílílítà 1 ní yúníìtì 100,000 nínú. Ìlànà àwọn orílẹ̀-èdè kan ni mílílítà 1 lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ fún ọmọ ọwọ́, ti àwọn mìíràn sì ni mílílítà 2, tí wọ́n á wá dín in sí 1 fún ọmọ tí wọ́n bí kó tó pé oṣù tàbí tí kò tẹ̀wọ̀n. Kò sí èyí tó máa pa ọmọ lára nínú méjèèjì. Ohun tó ń da àwọn òbí láàmú ni ìṣirò ìgò. Tí ẹ bá ń fún un ní mílílítà 1 lẹ́ẹ̀mẹrin, mílílítà 4 ló ń lọ lójúmọ́, ìgò 30 á gbé yín dé ọjọ́ 7. Tó bá jẹ́ mílílítà 2, mílílítà 8 ló ń lọ, ìgò kan náà kò ní pé ọjọ́ 4. Ìgò ló parí, àìsàn kò parí. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 7 ni wọ́n sábà máa ń lò ó, kí wọ́n sì máa bá a lọ fún wákàtí 48 lẹ́yìn tí wọn kò bá rí funfun kankan mọ́. Olú tí ojú kò rí ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹnu bá kọ́kọ́ mọ́.

Tó bá jẹ́ èmi ni, mílílítà 1 tí nọ́ọ̀sì tó fojú rí ọmọ kọ ni màá lò. Ẹnu ọmọ ọ̀sẹ̀ 7 kéré. Mílílítà 1 tí wọ́n rà káàkiri ẹ̀rẹ̀kẹ́ sàn ju 2 tó gba ọ̀fun kọjá lọ.

Ìyá Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, oògùn yín ti pọ̀ jù. Oògùn aláwọ̀ elésè àlùkò nì, jẹ́ńṣíánì fáyólẹ́ẹ̀tì, òun la fi tọ́jú gbogbo ọmọ wa. Ẹ kàn á lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ fi oyin díẹ̀ ra á lẹ́nu. Wọn kò kú, wọ́n ti dàgbà, wọ́n ti bímọ tiwọn.

Nọ́ọ̀sì Ọlọ́mú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mà. Òótọ́ ni pé jẹ́ńṣíánì máa ń pa olú, a kò lè bá yín jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó máa ń bó inú ẹnu àwọn ọmọ mìíràn, pàápàá tó bá le jù tàbí tí wọ́n lò ó léraléra, ọmọ á wá kọ ọmú nítorí egbò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n ti rí i pé ó ń fa jẹjẹrẹ lára ẹranko, ìdí nìyẹn tí ìjọba Kánádà fi kìlọ̀ lórí rẹ̀ ní 2019. Nígbà tí oògùn mìíràn wà, a kì í kọ ọ́ mọ́.

Ti oyin ni mo bẹ̀ yín lé lórí, Mà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò, kódà kó jẹ́ ìka kan. Irúgbìn kòkòrò kan máa ń wà nínú oyin tí ikùn àgbà ń borí, tí ti ọmọ ọwọ́ kò lè borí. Ó máa ń sọ iṣan ọmọ di ọ̀lẹ, títí kan èyí tó fi ń mí.

Ìyá Àgbà

Ó dáa, mo ti gbọ́ ti oyin. Ti jẹ́ńṣíánì, a ó máa wò ó.

Ìyá Mẹ́ta

Ìyá Dámi, ẹ lo jẹ́ẹ̀lì yẹn jàre. Ọmọ mi kẹta ní in, nísítátíìnì kò ràn án, a lo jẹ́ẹ̀lì máíkónásóòlù, kíá ni ẹnu mọ́. Orí ọmú ni mo máa ń kùn ún sí kí n tó fún un lọ́mú, ìyá àti ọmọ á jọ rí oògùn lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wàrà tí ẹ ti fún sínú fìrísà náà, ẹ dà á nù, torí òtútù kì í pa olú.

Nọ́ọ̀sì Ọlọ́mú

Ìyá Mẹ́ta, oṣù mélòó ni ọmọ yín nígbà náà?

Ìyá Mẹ́ta

Ó ti ń rá. Bí oṣù 9.

Nọ́ọ̀sì Ọlọ́mú

Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Kò sí irọ́ níbẹ̀, jẹ́ẹ̀lì náà sábà máa ń yára ju nísítátíìnì lọ, torí ó ki, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n bá kùn ún sí. Kíki yẹn kan náà ni ewu rẹ̀ fún ọmọ kékeré. Ọmọ tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń darí nǹkan kíki lẹ́nu, ó lè dí i lọ́fun. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi fọwọ́ sí i fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 4, tó bá sì jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí kó tó pé oṣù, wọ́n á sún un dé oṣù 5 sí 6. Àwọn dókítà kan máa ń kọ ọ́ fún ọmọ tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ojú wọn ló ń wà lára rẹ̀, wọ́n á sì fi ọwọ́ ara wọn han ìyá bó ṣe máa lò ó. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 7 kọ́ ni ẹ máa ti inú ilé dá a lò fún.

Fún ọmọ tó ti tó o lò, mílílítà 1.25 ni wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Ìdá mẹ́rin ṣíbí oògùn mílílítà 5 nìyẹn. Kì í ṣe pé kí ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan o. Díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ fi ìka mímọ́ mú èyí tó kéré, ẹ kùn ún sí iwájú ẹnu àti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ dúró, ẹ tún mú òmíràn. Ẹ má gbé e súnmọ́ ọ̀nà ọ̀fun. Tirẹ̀ gùn ju ti nísítátíìnì lọ, torí ọjọ́ 7 ni wọ́n ń fi kún un lẹ́yìn tí ẹnu bá ti mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kùn jẹ́ẹ̀lì sí orí ọmú kí ọmọ fi mu ún. Ẹ kò lè mọ iye tó bọ́ sí i lẹ́nu, gbogbo rẹ̀ sì lè dà gbuu sí i lọ́fun nígbà tó bá fà. Ti Ìyá Mẹ́ta bọ́ sí i torí ọmọ oṣù 9 ni.

Ti wàrà inú fìrísà, òótọ́ ni pé òtútù kì í pa olú náà, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ tìtorí ẹ̀ dà á nù. Ẹ lò ó báyìí nígbà tí ẹ̀yin àti ọmọ ṣì wà lórí oògùn. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ títí di ìgbà tí ẹnu bá ti mọ́ tán kí ẹ tó gbé e jáde. Orí fídà, rọ́bà tí ọmọ ń mú sẹ́nu àti àwọn ara ẹ̀rọ ìfún-ọmú tó ń kan wàrà ni kí ẹ máa fi ọṣẹ fọ̀, kí ẹ sì sè lójúmọ́ fún ìṣẹ́jú 10.

Ìyá Mẹ́ta

Há, mo ti da tèmi nù nígbà yẹn o. Mo fi ọwọ́ ara mi dà á.

Àbẹ̀ní

Ẹ̀yin ará ibí, fulukónásóòlù 150, hóró kan péré, mo lò ó nígbà tí mo bímọ tán, gbogbo yíyún náà lọ. Ìyá Dámi, ẹ ra hóró kan.

Apòògùn Kọ̀rọ̀

Àbẹ̀ní, ti ojú ara lẹ ń sọ, hóró kan sì tó fún un lọ́pọ̀ ìgbà. Orí ọmú ni ti Ìyá Dámi, hóró kan kì í sábà mú un lọ. Àwọn dókítà tó bá kọ fulukónásóòlù fún ọmú, èyí tí mo máa ń rí jù ni mílígíráàmù 200 lọ́jọ́ kìíní, lẹ́yìn náà 100 lójúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ 2. Kì í ṣe òun ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń bá wàrà dé ọ̀dọ̀ ọmọ, kì í pa á lára, ṣùgbọ́n kò tó láti wo ẹnu rẹ̀ sàn. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé tí ìyá bá ti gbé hóró mì, ọmọ kò nílò oògùn tirẹ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sì Ọlọ́mú

Kó tó di pé a kọ oògùn kankan fún yín, Ìyá Dámi, ẹ dá mi lóhùn. Ṣé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni orí ọmú ti ń dùn yín, àbí ó ti dáa tẹ́lẹ̀? Ọmú méjèèjì ni àbí ẹyọ kan? Tí ọmọ bá fi sílẹ̀, àwọ̀ wo ni orí ọmú máa ń ní? Ṣé ó máa ń fẹ̀gbẹ́ tàbí kó ṣe ṣóńṣó bí ẹnu lípísítíìkì? Ṣé ara yín gbóná?

Ìyá Dámi

Ó ti dáa tẹ́lẹ̀, fún bí oṣù kan a kò ní wàhálà. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí mi, ojú abẹ náà wá ṣe ọgbẹ́, wọ́n fún mi ní oògùn agbógunti kòkòrò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹnu ọmọ funfun, tèmi náà sì bẹ̀rẹ̀. Méjèèjì ló ń jó mi, ó máa ń tó bí ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn tó bá mu tán. Ara mi kò gbóná. Orí ọmú náà pọ́n, ó ń dán, ó ń bó díẹ̀. Kì í fẹ̀gbẹ́, kì í sì funfun.

Nọ́ọ̀sì Ọlọ́mú

Ẹ ṣé tí ẹ ṣàlàyé dáadáa. Tó bá jẹ́ ọmú kan ṣoṣo, tó pọ́n, tó le, tí ara sì gbóná, ti olú kọ́ nìyẹn, ọmú ló wú, ẹ ó sì tètè lọ rí dókítà. Tó bá jẹ́ pé orí ọmú ń funfun lẹ́yìn tí ọmọ fi í sílẹ̀, tó wá di aró kó tó pọ́n, iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ló ń fún pọ̀, ìgbóná la fi ń tù ú, kì í ṣe oògùn olú. Tó bá ń fẹ̀gbẹ́, bí ọmọ ṣe gbá a mú ni kò tọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń lo oògùn olú fún oṣù gbáko nígbà tó jẹ́ pé ẹnu ọmọ kò gba ọmú wọlé dáadáa.

Tiyín bá ti olú mu: ó ti dáa tẹ́lẹ̀, méjèèjì ni, ẹ lo oògùn agbógunti kòkòrò, olú sì wà lẹ́nu ọmọ. Kíríìmù máíkónásóòlù onídà 2 nínú 100 ni kí ẹ lò. Kíríìmù tí wọ́n ń fi sí awọ ara ni mo sọ, kì í ṣe jẹ́ẹ̀lì ẹnu tí ẹ ní lọ́wọ́. Kíríìmù náà kò sì gbọdọ̀ wọ ẹnu ọmọ. Lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ọmọ bá mu ọmú tán, ẹ fi díẹ̀ ra orí ọmú títí kò fi hàn mọ́. Tí àkókò ọmú bá tún tó, tí ẹ bá rí ìyókù rẹ̀, ẹ fi òwú tútù nù ún jẹ́jẹ́. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ọṣẹ á tún bó o.

Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ̀yin àti ọmọ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ jọ parí. Tí ọ̀sẹ̀ 1 bá kọjá tí jíjó náà kò dín kù rárá, ẹ má tún ra páálí kejì. Ẹ padà lọ kí wọ́n wò ó bóyá nǹkan mìíràn ni, tàbí kí dókítà pinnu bóyá ó tó ohun tí fulukónásóòlù wà fún. Ẹ má dá ọmú dúró, kò sí ìdí kankan fún un.

Ìyá Tòlú

Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ẹ̀jẹ̀ dídì lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn tí mo bímọ, wáfárìn ni mo ń lò, mo sì ń fún ọmọ lọ́mú. Ṣé èmi náà lè lo máíkónásóòlù yìí tí ọ̀rọ̀ bá kàn mí?

Apòògùn Kọ̀rọ̀

Ẹ má fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ yín mọ̀. Máíkónásóòlù máa ń jẹ́ kí wáfárìn pọ̀ sí i nínú ara, ẹ̀jẹ̀ á wá máa ṣàn láìdúró. Jẹ́ẹ̀lì ẹnu ló burú jù, ẹni tó ń lo wáfárìn kò gbọdọ̀ fi í sẹ́nu ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kíríìmù náà kò ṣeé fojú fò. Fulukónásóòlù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nísítátíìnì ọmọ kò ní wàhálà yìí, torí kì í wọ ẹ̀jẹ̀.

Bàbá Ìbejì

Ìbéèrè kan. Tí ẹnu ọmọ bá ní olú, tí ìyá kò sì ní nǹkan kan tó ń dùn ún, ṣé dandan ni kó kun oògùn?

Nọ́ọ̀sì Ọlọ́mú

Èmi máa ń ní kí wọ́n jọ lò ó. Ẹnu ọmọ àti orí ọmú ń pàdé ní bí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lójúmọ́, ẹnì kan lè máa kó o ran ẹnì kejì láìsí ìrora.

Apòògùn Kọ̀rọ̀

Ibí ni èmi àti nọ́ọ̀sì ti yà sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí orí ọmú kò bá dùn ìyá, tí kò pọ́n, tí kò bó, èmi kì í fi kíríìmù kún un. Mo máa ń rí awọ ọmú tó dáa tí kíríìmù ń bà jẹ́. Màá tọ́jú ọmọ dáadáa ná. Tó bá padà lẹ́yìn tí wọ́n ti lò ó pé, nígbà náà ni màá kan ìyá.

Nọ́ọ̀sì Ọlọ́mú

Nígbà tó bá fi máa padà, ọ̀sẹ̀ kejì ti lọ nìyẹn. Èmi kò gbà.

Ìyá Dámi

Mo ti padà wá o. A bẹ̀rẹ̀ látorí mílílítà 1. Síríńjì ni bàbá rẹ̀ fi ń fà á, mílílítà ààbọ̀ ọ̀tún, ààbọ̀ òsì, èmi ni mò ń fi ìka rà á. Ó ń sunkún nísinsìnyí torí ó ti yó, kò fẹ́ ìka lẹ́nu, ṣùgbọ́n a ń ṣe é. Ti òru la so mọ́ ìgbà tó bá mu fídà tán. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ti mọ́, ti ọ̀tún ku bíńtín. Ọmú mi ṣì ń jó, kò le tó ti tẹ́lẹ̀.

Ó ku nǹkan kan. Ìdí rẹ̀ pọ́n, ó pọ́n wọ inú ìpéjọ itan, àwọn kóro kéékèèké sì fọ́n ká ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìpara tí a máa ń lò fún ìdí kò ṣe nǹkan kan.

Apòògùn Kọ̀rọ̀

Pípọ́n tó wọ inú ìpéjọ itan, tí kóro sì fọ́n ká etí rẹ̀, ó jọ olú kan náà tó ti ikùn gba ìdí jáde. Ẹ fi hàn nọ́ọ̀sì yín, wọ́n sábà máa ń kọ kíríìmù nísítátíìnì tàbí kulotirimasóòlù fún ìdí. Ẹ má da nísítátíìnì olómi ẹnu sí i, ṣúgà inú rẹ̀ kò yẹ níbẹ̀. Ẹ máa tètè pààrọ̀ ìlédìí, kí ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ìdí rẹ̀.

Tí ọjọ́ 7 bá pé tí funfun ṣì kù lẹ́nu, ẹ gbé e padà lọ, ẹ má kàn ra ìgò mìíràn. Tó bá kọ ọmú, tí ìtọ̀ rẹ̀ dín kù, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ má dúró de ọjọ́ 7 rárá. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 7 tí ara rẹ̀ gbóná, ọjọ́ náà gan-an ni kí dókítà rí i.

Ìyá Mẹ́ta

Ìyá Dámi, ti jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fún yín ńkọ́? Ẹ tọ́jú rẹ̀ de ìgbà tí ọmọ bá pé oṣù 4.

Nọ́ọ̀sì Ọlọ́mú

Tí túùbù náà kò bá tíì ṣí, ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára rẹ̀. Tí ẹni tó fún yín bá ti ń fi ìka rẹ̀ mú nínú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù.

Ìyá Dámi

Ó ti ṣí i, ó ti dé ìdajì. Ó ti wà nínú àpò ìdọ̀tí.